Mílíọ̀nù Mélòó Ló Wà Lọ́wọ́ Gan-an?

Bí wọ́n bá ń kówó jọ láti kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, kì í ṣe bí iye tí alága ìgbìmọ̀ kéde ṣe pọ̀ tó ni mo máa ń tẹ́tí sí, ohun tó kó jọ di iye náà ni.

Ká ní mílíọ̀nù 3 náírà ló wọlé, àwọn èèyàn ṣèlérí mílíọ̀nù 5, ẹnì kan sì fi 100 àpò sìmẹ́ǹtì ta ìlú lọ́rẹ. Alága tó bá kéde mílíọ̀nù 8 ti dá wàhálà sílẹ̀, torí èyí tó ju ìdajì owó náà lọ ò tíì sí nílẹ̀. Ìlù àti oríkì sì máa ń bú ìlérí sí i.

Ohun tó yẹ kó sọ rèé: “Ẹ̀yin èèyàn wa, a dúpẹ́. Mílíọ̀nù 3 ló wà lọ́wọ́. Ìnáwó òní gba 400,000, ó ku 2,600,000. Ìlérí mílíọ̀nù 5 ṣì wà níta. Sìmẹ́ǹtì wà lọ́tọ̀.”

Kí ó tó dìde, kí akápò ti ka owó níṣojú ẹlẹ́rìí, kó sì fi wé rìsíìtì. Ẹ̀yin náà, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò tún jábọ̀ lórí ìlérí.