Ṣé Kí Ilé Oògùn Ṣí Ẹ̀ka Kejì, àbí Kó Dúró Ná?

Bí ọ̀gá ilé oògùn bá ń kọ mẹ́mò sí ìgbìmọ̀ olùdarí lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka kejì, ìlà àkọ́kọ́ ló yẹ kí ìdáhùn wà: ká ṣí i, ká má ṣí i, tàbí ká dúró di ìgbà báyìí. Lẹ́yìn èyí ni ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní súwọ́ọ̀tì á tẹ̀ lé e. Ohun mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Agbára àti àléébù jẹ́ ti inú ilé, àǹfààní àti ewu sì ń ti ìta wá.

Ká ní ilé oògùn kan wà ní Bódìjà n'Ìbàdàn, tó ń gbèrò láti ṣí ẹ̀ka sí Mọ́níyà. Àǹfààní ibẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ibùdókọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Èkó, tí ìjọba ṣí lọ́dún 2021, wà níbẹ̀. Ká tún ní kẹ́míìsì nìkan ló wà ní òpópónà tí wọ́n yàn, kẹ́míìsì kò sì láṣẹ láti ta oògùn tó gba ìwé dókítà.

Apá agbára ni mẹ́mò ti sábà máa ń ṣìnà. Wọ́n á kọ ọ́ pé, “Àwọn oníbàárà fọkàn tán wa.” Ta gan-an ni wọ́n fọkàn tán? Ní Bódìjà, ìyá tó ni ilé oògùn náà ni, apòògùn tó mọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tó sì lè sọ fún un pé, “Bàbá, èyí tí ẹ fẹ́ rà yìí kò bá èyí tí ẹ ń lò lọ o.” Ìyá yìí kò lè wà ní Mọ́níyà lọ́jọ́ kan náà. Òfin pàápàá ní kí ilé oògùn kọ̀ọ̀kan ní apòògùn tirẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀, àwọn apòògùn sì ń japa lọ sí Bírítéènì àti Kánádà. Agbára tí kò lè kúrò ní Bódìjà, àléébù ló jẹ́ fún Mọ́níyà. Ọ̀nà kan wà láti dán an wò: kí ìyá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n wo iye ọjà tó tà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọjà bá já wálẹ̀ gan-an, òun ni agbára náà, kì í ṣe ilé oògùn.

Àléébù kejì wà lórí pẹpẹ. Kọ̀ǹpútà ní páálí ogójì ló kù. Wọ́n kà á, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Ojú olówó ló ń dí irú ihò bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan. Bó bá di méjì, àfi ìwé àti kíka ọjà lóòrèkóòrè.

Ní ti ewu, oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀. Owó oògùn fò sókè, owó tí wọ́n fi ń kún pẹpẹ kan náà sì di ìlọ́po. Bí wọ́n bá wá pín ọjà sí pẹpẹ méjì, oògùn tí kì í tètè tà á jókòó níbi méjèèjì títí ọjọ́ á fi kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú iye àpẹẹrẹ. Owó apòògùn lóṣù, ₦300,000; ti olùtajà méjì, ₦160,000; owó ṣọ́ọ̀bù, ₦150,000; iná, epo jẹnẹrétọ̀ àti wẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, ₦190,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦800,000. Fíríìjì ínsúlíìnì kò gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n 8 lórí tẹmómítà, nítorí náà kò sí àyè láti dín owó iná kù. Bí èrè lórí ₦100 ọjà bá jẹ́ ₦20, Mọ́níyà gbọ́dọ̀ ta ₦4,000,000 lóṣù kó tó lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣí fún ọjọ́ 26, ìyẹn tó ₦154,000 lójúmọ́. Bí oníbàárà kọ̀ọ̀kan bá ná ₦3,500, èèyàn mẹ́rìnlélógójì ni, a ò sì tíì yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnì kan lọ dúró ní òpópónà náà, kó ka èèyàn.

Ìmọ̀ràn tèmi nínú irú mẹ́mò yìí ni pé kí wọ́n dúró fún oṣù mẹ́fà. Kí wọ́n gba apòògùn kejì sí Bódìjà báyìí, kó máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ nígbà tí ìyá bá wà àti nígbà tí kò sí. Láàárín àkókò yẹn, kí kíka ọjà bá kọ̀ǹpútà mu fún oṣù mẹ́ta léra, kí àṣìṣe má ju náírà kan lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Kí mẹ́mò náà tún sọ ìgbà tí wọ́n máa ti ẹ̀ka náà pa, bí àpẹẹrẹ, bí ọjà ojúmọ́ kò bá tíì tó ₦120,000 lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn tí owó bá ti wọlẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ dárúkọ títì.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ á ráhùn pé owó apòògùn kejì máa jẹ èrè Bódìjà. Á jẹ ẹ́ lóòótọ́: ₦1,800,000 ni fún oṣù mẹ́fà. Ọjà àkọ́kọ́ ní Mọ́níyà, ₦12,000,000. Àtúnṣe ṣọ́ọ̀bù, ₦4,000,000. Owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan, ₦1,800,000. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó yẹn ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá ẹlòmíì lè ṣe iṣẹ́ ìyá.