Ohun Tí Pátákó Kẹ́míìsì Lè Ṣèlérí Lásìkò Ọyẹ́

Ní ọdún 1975, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òwò pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ Warner-Lambert, àwọn tó ń ṣe Listerine, oògùn olómi tí wọ́n fi ń ṣan ẹnu. Láti 1921 ni wọ́n ti ń polówó rẹ̀ pé ẹni tó bá ń lò ó kò ní í tètè kó ọ̀fìnkìn, bó bá sì kó o, kò ní í le lára rẹ̀. Lóòótọ́ ni oògùn náà ń pa kòkòrò ẹnu. Ṣùgbọ́n imú àti ojú ni fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn sábà máa ń gbà wọlé, omi tí a fi ṣan ẹnu kì í sì í dé ibẹ̀. Àjọ náà ní kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìpolówó wọn pé Listerine kò dènà ọ̀fìnkìn, kò sì mú un fúyẹ́, títí wọn yóò fi ná mílíọ̀nù 10 dọ́là lórí ìpolówó. Ilé-iṣẹ́ náà pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní 1977 ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Irú ìlérí yẹn kan náà ló máa ń kún iwájú kẹ́míìsì wa bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Wọ́n á gbé pátákó síta, wọ́n á fi àwòrán ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe apòògùn ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọmọ tó mọ àwòrán yà dáadáa lórí fóònù ni. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó jọ èyí tí à ń rí káàkiri, ká tú u wò:

"Ọyẹ́ ti dé o! Fítámì C wa ń dènà ọ̀fìnkìn. Ó ń wo kátá sàn láàárín ọjọ́ 3. Kò léwu rárá fún ọmọdé àti àgbà."

Ká kọ́kọ́ mú ti dídènà. Linus Pauling, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì, ló mú kí ìgbàgbọ́ yìí gbilẹ̀ nígbà tó kọ ìwé lé e lórí ní 1970. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń dán an wò. Nígbà tí wọ́n kó àbájáde ìwádìí náà jọ ní 2013, lára àwọn èèyàn tó lé ní 11,000, wọ́n rí i pé ẹni tó ń lo fítámì C lójoojúmọ́ ń kó ọ̀fìnkìn bí ẹni tí kò lò ó. Àwọn tó ń fi ara ṣe wàhálà gan-an nìkan, bíi àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn, ló yàtọ̀. Ohun tó rí ṣe fún àwọn àgbàlagbà tó kù ni pé ó gé nǹkan bíi ìdá 8 nínú 100 kúrò nínú iye àkókò tí àìsàn náà fi wà lára wọn. Bí ọ̀fìnkìn bá fẹ́ lo ọjọ́ 7, bíi wákàtí 13 ló dín kù níbẹ̀. Ẹni tó ti ń lò ó lójoojúmọ́ kí ọ̀fìnkìn tó dé ló sì rí èyí. Ẹni tó sáré wá rà á lẹ́yìn tí imú ti ń ṣàn kò rí àǹfààní kan pàtó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ni pátákó ń pè.

Ìlérí ọjọ́ 3 ló ń tan àwọn olóòótọ́ pàápàá. Ọ̀fìnkìn máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7 sí 10, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ rẹ̀ lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló sábà máa ń le jù, ìgbà náà sì ni èèyàn máa ń wá oògùn wá. Bó bá rà á lọ́jọ́ kẹta, tí ara rẹ̀ yá lọ́jọ́ kẹfà, á padà wá dúpẹ́ pé oògùn yín dára. Ẹni tó ni kẹ́míìsì á gbọ́ irú ọpẹ́ yìí lẹ́nu ogójì èèyàn, á sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Kò ní ọ̀nà tó lè fi mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní wọn kò lo nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi máa ń fún apá kan ní oògùn gidi, tí wọ́n á fún apá kejì ní hóró tó jọ ọ́ tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èwo ló ń lò. Ẹ̀rí oníbàárà kò lè rọ́pò èyí, nítorí náà kò yẹ kó bọ́ sórí pátákó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìwòsàn.

"Kò léwu rárá" ló burú jù lójú tèmi, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn ti lè kú. Parasitámọ̀ ti wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn alápòpọ̀ tẹ́lẹ̀. Ká ní hóró kọ̀ọ̀kan ní mílígíráàmù 500, tí ẹnì kan ń lo hóró méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́: ó ti lo 3,000 nìyẹn. Orí ń fọ́ ọ, ó bá tún ń lo parasitámọ̀ lásán, méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ti di 6,000, bẹ́ẹ̀ 4,000 ni àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá lọ́jọ́ kan. Ẹ̀dọ̀ ló máa jìyà rẹ̀, ó sì lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó hàn. Àwọn oògùn tó ń ṣí imú míì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i, àwọn míì sì ń kun èèyàn lóorun, èyí tí kò dáa fún awakọ̀. Oyin tí a ń fún ọmọ nítorí ikọ́ pàápàá, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá a.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n tún pátákó yẹn kọ, bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé:

"Ọyẹ́ ti dé. Bí ọ̀fìnkìn bá mú yín, tí orí ń fọ́ yín, tí ọ̀nà ọ̀fun ń dùn yín, a ní oògùn tó lè mú ara tù yín títí yóò fi lọ. Ẹ sọ oògùn tí ẹ ń lò lọ́wọ́ fún apòògùn wa, pàápàá bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ẹ bá lóyún tàbí bó bá jẹ́ ọmọdé lẹ fẹ́ rà á fún. Bí èémí kò bá já gaara, tàbí tí ara gbóná ju ọjọ́ 3 lọ, ẹ tètè lọ rí dókítà."

Mo mọ̀ọ́mọ̀ má sọ pé ó ń ṣí imú. Ní 2023, àwọn olùdámọ̀ràn ìjọba Amẹ́ríkà fẹnu kò pé fẹnilẹfíríìnì tí à ń gbé mì, tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn, kò ṣí imú dídí. Ohun tí páálí oògùn sọ náà lè di àtúnyẹ̀wò, nítorí náà kí pátákó má ṣe sọ jù ú lọ. Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìpolówó oògùn kó tó jáde. Nọ́ńbà NAFDAC ara páálí kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n ti fọwọ́ sí ohun tí kẹ́míìsì bá fúnra rẹ̀ kọ lé e.

Àwọn tó ń tajà á bi mí pé ta ló máa ra nǹkan tí kò ṣèlérí ìwòsàn. Ẹni tí kò rí oorun sùn lánàá nítorí orí fífọ́ àti ọ̀fun dídùn ló máa rà á, nítorí ìtura alẹ́ òní ló ń wá, èyí sì ni oògùn yín lè fún un. Ọ̀kan ṣì kù tí mo máa fi kún pátákó náà nílẹ̀ wa: "Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ọ̀fìnkìn. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka yín ṣe àyẹ̀wò ibà kí ẹ tó ra oògùn." Ẹ̀fọn kì í kó ẹrù kúrò nílùú pátápátá nítorí pé ọyẹ́ ń fẹ́, ọmọ tí ibà ń ṣe tí wọ́n ń fún ní oògùn ọ̀fìnkìn fún ọjọ́ 3 sì lè ti dákú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.