Bí òòfà inú òkúta ṣe fi hàn pé ilẹ̀ wa ń jìnnà sí Bùràsíìlì

Ẹni tó bá ti Ìkògà lọ sétí òkun ní Àgbádárìgì, omi nìkan ló máa rí níwájú. Lókèèrè réré, lápá ìwọ̀-oòrùn, ni Bùràsíìlì wà. Ilẹ̀ kan náà ni wá tẹ́lẹ̀. A sì ṣì ń jìnnà síra wa dòní, bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 lọ́dún, bí èékánná ọwọ́ ṣe ń gùn. Àmọ́ báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

Èèpo ilẹ̀ ayé pín sí awẹ́ bí obì. Àárín òkun Àtìláńtíìkì ni awẹ́ tiwa ti pàdé ti Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí òkè gbọọrọ kan wà lábẹ́ omi. Bí awẹ́ méjèèjì ṣe ń fà kúrò lára wọn, òkúta tó ti yọ́ ń jáde láti ìsàlẹ̀ wá dí àlàfo náà, á tutù, á sì le. Horo irin kéékèèké wà nínú ẹ̀. Bó ṣe ń tutù, òòfà inú irin yẹn á kọjú síbi tí òòfà ayé kọjú sí, bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, á sì gan síbẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti dùn rèé: òòfà ayé máa ń yí padà, tí àríwá á di gúúsù. Èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ti tó bí 780,000 ọdún. Nítorí náà, ilẹ̀ abẹ́ òkun di ìlà ìlà bí aṣọ òfì, tọ̀tún tòsì òkè náà sì bára mu. Fred Vine àti Drummond Matthews ti Yunifásítì Cambridge ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1963. Lawrence Morley ní Kánádà ti ro ohun kan náà, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kọ àkọsílẹ̀ tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ìlà àkọ́kọ́ parí ní bíi kìlómítà 15 sí òkè náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹ́ ẹ bá pín in sí 780,000 ọdún, ó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1.9 lọ́dún. Ẹ fi ti ẹ̀gbẹ́ kejì kún un, ó di bíi 4.

Àwọn kan ò gbà. Ni ọkọ̀ ojú omi Glomar Challenger bá gbéra ní Dakar, ní Sẹ̀nẹ̀gà, ní Disẹ́ńbà 1968, ó ń lọ sí Rio de Janeiro. Wọ́n gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ òkun lápá ọ̀tún àti òsì òkè náà. Wọ́n yẹ ẹrẹ̀ tó lé òkúta lórí wò, pẹ̀lú ìkarahun wẹ́wẹ́ inú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí òkè náà ni ẹrẹ̀ ọ̀hún ń dàgbà sí i, ọjọ́ orí ẹ̀ sì bá ohun tí àwọn ìlà náà sọ mu.

Ohun kan rèé o: ẹni tó bá wá irú ìlà yìí nínú òkun iwájú Àgbádárìgì, asán ló máa bá bọ̀. Ìgbà tí òkun tiwa ń là, òòfà ayé dúró sójú kan fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 ọdún, kò yí padà. Níbi tí kò sí ìlà, àwọn àpá gígùn tó la ilẹ̀ òkun kọjá ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan nínú wọn, Romanche, forí lé etíkun Gánà. Bí àpá wọ̀nyẹn ṣe nà ló ń fi ọ̀nà tí awẹ́ méjèèjì gbà lọ hàn.