Ohun Tí Nọ́ọ̀sì Ń Wá Lórí Ìwọ̀n

Nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ tó ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣàlàyé pé òun kò wá ọmọ tó sanra jù tàbí èyí tó ga jù. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kò sọ púpọ̀. Ìgbà tí a bá to ti táámù mẹ́ta tẹ̀léra ni ọ̀rọ̀ ń yọ. Láti ọmọ ọdún 5 títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàlágà, ọmọ a máa fi nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 5 sí 6 ga lọ́dún, ìwúwo rẹ̀ a sì fi bíi kílò 2 sí 3 lé sí i.

Ká ní ọmọ ọdún 7 kan jẹ́ kílò 22 ní táámù kìíní, 22.6 ní ìkejì, tó wá já sí 21 ní ìkẹta, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ń ga. Ìwúwo ló máa ń kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ bí oúnjẹ kò bá tó tàbí tí àìsàn bá wọlé. Ó ń pẹ́ kí gíga tó dúró. Òbí tó ń rí ọmọ lójoojúmọ́ lè rò pé gíga ló sọ ọ́ di tín-ín-rín.

Nọ́ọ̀sì yóò tún un wọ̀n ná. Bàtà àti súwẹ́tà á kúrò lára, ìwọ̀n á wà lórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú. (Ní ti gíga, irun ṣùkú ni ọ̀tá: ó ń mú ọmọbìnrin ga lójijì.) Bí 21 bá tún jáde, yóò béèrè nípa oúnjẹ, ikọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru, kí ó tó kọ ìwé sí ilé ìwòsàn. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọ náà, tó sì ń tọ̀ léraléra, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ.