Géètì Tí Kò Ṣí Tán

Iná LED gbọọrọ tó wà nínú POP pálọ̀ mi gùn tó mítà 5, alẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń tani lójú jù. Mo ní kí n fi Arduino Uno máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ fún mi kó mọ́sífẹ́ẹ̀tì IRF520 lé mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí mo tan iná tán, mọ́sífẹ́ẹ̀tì náà ti gbóná débi pé kò ṣeé fọwọ́ kàn, iná pàápàá kò sì mọ́lẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. PWM kì í rọ agbára iná sílẹ̀. Ńṣe ló ń pa á, tó sì ń tàn án, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àkókò tó fi ń tàn bá kéré, ìmọ́lẹ̀ á kéré lójú wa. Mọ́sífẹ́ẹ̀tì ni adènà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní géètì ni Arduino sì fi ń pàṣẹ fún un. Fóòtì 5 péré ni Uno ní, bẹ́ẹ̀ IRF520 ń fẹ́ 10 kó tó ṣí tán. Iná tó bá ń fún ara rẹ̀ gba ibi tó há kọjá, ooru ló ń dà. Ìwé rẹ̀ sì lè tan ènìyàn: fóòtì 2 sí 4 tí wọ́n kọ síbẹ̀, ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ni, kì í ṣe ibi tó ti ṣí tán.

Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí IRLZ44N, tí ìdènà rẹ̀ kì í ju 0.025 óòmù lọ nígbà tí géètì bá gba fóòtì 5. Iná mi ń jẹ wáàtì 14.4 ní mítà kan. Mítà 5 jẹ́ wáàtì 72, ìyẹn ámpù 6 lórí fóòtì 12. Ẹ sọ 6 di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ fi 0.025 lọ́po rẹ̀: wáàtì 0.9 ni mọ́sífẹ́ẹ̀tì ń sọ di ooru. Láìsí páànù, á fi nǹkan bí ìwọ̀n 56 gbóná ju yàrá lọ. Kò ní kú, ṣùgbọ́n nínú òrùlé tí afẹ́fẹ́ kò dé, mo fi páànù álúmíníọ̀mù kékeré sí i lẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ra o: ẹ̀yìn náà so pọ̀ mọ́ okùn iná, kò gbọdọ̀ kan irin mìíràn.

Resísítọ̀ 100 óòmù wà láàárín Uno àti géètì, 10,000 sì wà láti géètì dé ilẹ̀, kí iná má baà ṣàdédé tàn kí Uno tó jí. Ilẹ̀ Uno àti ti iná fóòtì 12 gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ó ku ìṣẹ́jú. `analogWrite` lórí ẹsẹ̀ 9 ń ṣẹ́ iná ní nǹkan bí ìgbà 490 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kámẹ́rà fóònù á fi ilà dúdú hàn. Àtẹ̀gùn 255 péré ló sì ní: láti 1 bọ́ sí 2, ìmọ́lẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, ojú á rí i pé ó fò. Èyí ni mo lò, `x` ń lọ láti 0 dé 999:

```
pinMode(9, OUTPUT);
TCCR1A = _BV(COM1A1) | _BV(WGM11);
TCCR1B = _BV(WGM13) | _BV(WGM12) | _BV(CS10);
ICR1 = 7999;
OCR1A = (uint32_t)x * x / 125;
```

Ìgbà 2,000 ni báyìí, àtẹ̀gùn 8,000, wọ́n sì wà pẹ́kípẹ́kí nísàlẹ̀ níbi tí ojú ti ń mọ̀ ọ́n jù. Ẹ má sáré gbé e dé 20,000: Uno kò lágbára láti ti géètì kíákíá, gbogbo ìgbà tó bá ń ṣí, tó ń tì, ló ń gba àárín kọjá, ooru á tún padà.

Kí ẹ tó dí POP pa, ẹ tan iná náà ní kíkún fún wákàtí kan, ẹ pa á, kí ẹ wá fọwọ́ kan páànù yẹn.