Oògùn Ojú Ara Kì í Ṣe Oògùn Egungun

Bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dúró fún oṣù 12 gbáko, tí kì í ṣe oyún tàbí àìsàn ló dá a dúró, a jẹ́ pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni èyí máa ń dé bá ọ̀pọ̀ obìnrin. Ilé ẹyin kò ní pèsè họ́mónù tí à ń pè ní ẹsítírójìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin máa ń sọ̀rọ̀ nípa ooru òjijì tó ń bò wọ́n lóru, ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí wọn kì í sábà mẹ́nu bà. Ọ̀kan ni ojú ara tó ń gbẹ, nítorí ìtìjú. Èkejì ni egungun tó ń rù, nítorí pé kì í dun ènìyàn títí di ọjọ́ tí yóò ṣẹ́. Àìtó ẹsítírójìn ló fa méjèèjì, ṣùgbọ́n oògùn tó wo ọ̀kan sàn lè má débi èkejì rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ojú ara. Ẹsítírójìn ló ń jẹ́ kí awọ ibẹ̀ nípọn, kó máa rin, kó sì máa nà. Nígbà tí kò bá sí mọ́, awọ náà á fẹ́lẹ́, á gbẹ, ìbálòpọ̀ á máa dunni, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì lè yọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kòkòrò rere tó ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń lé kòkòrò àrùn sẹ́yìn, á dín kù. Ìdí nìyí tí ìtọ̀ fi ń gbóná, tó sì ń gbọ̀n obìnrin lọ sílé ìtọ̀ lemọ́lemọ́. Ooru òjijì máa ń rọlẹ̀ bí ọdún ti ń lọ, ṣùgbọ́n gbígbẹ ojú ara kì í lọ fúnra rẹ̀. Ó máa ń le sí i ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin nílẹ̀ Yorùbá ló ti yẹra fún ọkọ látìgbà tí wọ́n ti ní ọmọ-ọmọ, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n mọ́. Ìtọ̀ tó ń ta wọ́n lára kò mọ̀ bóyá wọ́n ń dá sùn.

Ní ti egungun, ara kì í yéé wó egungun àtijọ́ kó sì mọ tuntun dípò rẹ̀. Ẹsítírójìn ló ń dá iṣẹ́ wíwó náà dúró kó má bàa ju mímọ lọ. Bó bá ti lọ, wíwó á gbawájú. Láàárín ọdún 5 sí 7 àkọ́kọ́, obìnrin lè pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún kíki egungun rẹ̀. Ọrùn ọwọ́, egungun ẹ̀yìn àti ìbàdí ni ó sábà máa ń ṣẹ́. Àmì tó yẹ ká ṣọ́ ni kí obìnrin máa kúrú, kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa tẹ̀, tàbí kí egungun rẹ̀ ṣẹ́ nígbà tí ó kàn ṣubú lórí ìdúró.

Oògùn ẹsítírójìn pín sí ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń fi sí ojú ara nìkan: ìpara, hóró kékeré tàbí òrùka rírọ̀. Ẹ wo irú hóró kan tó wọ́pọ̀, tí ẹsítírójìn inú rẹ̀ jẹ́ máíkírógíráàmù 10. Obìnrin á máa fi ẹyọ kan sínú lálaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí a bá ṣírò rẹ̀, gbogbo èyí tó lò lọ́dún kan kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù kan àti díẹ̀ lọ. Mílígíráàmù kan ni ẹni tó ń gbé oògùn ẹsítírójìn mì sábà máa ń lò lójúmọ́. Ìwọ̀nba yìí tó fún awọ tí wọ́n fi sí, ṣùgbọ́n èyí tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà kò lè dáàbò bo egungun. Nítorí náà, bákan náà, kì í sábà béèrè họ́mónù kejì láti dáàbò bo ilé ọmọ.

Ọ̀nà kejì ni oògùn tó ń kárí ara: èyí tí wọ́n ń gbé mì, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ, tàbí jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa ara. Èyí ń dé egungun, ó sì ń lé ooru òjijì lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà gbọ́dọ̀ fi họ́mónù purojẹsítẹ́rónì tàbí irú rẹ̀ kún un, nítorí ẹsítírójìn nìkan lè mú kí inú ilé ọmọ nípọn títí yóò fi di jẹjẹrẹ.

Ní ọdún 2002, àwọn olùṣèwádìí ní Amẹ́ríkà dá ìdánwò ńlá kan dúró, èyí tí àwọn obìnrin tó lé ní 16,000 kópa nínú rẹ̀. Nínú 10,000 obìnrin tó lo àpapọ̀ họ́mónù méjèèjì fún ọdún kan, wọ́n rí 8 ní àfikún tó ní jẹjẹrẹ ọmú, 8 ní àfikún tó ní rọpárọsẹ̀ àti 8 tí ẹ̀jẹ̀ dídì wọnú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Àwọn tí egungun ìbàdí wọn ṣẹ́ sì fi 5 dín kù. Ọjọ́ orí àwọn obìnrin náà jẹ́ nǹkan bíi 63 ní ìpíndọ́gba. Lónìí, àwọn dókítà gbà pé èrè rẹ̀ sábà máa ń borí ewu rẹ̀ fún obìnrin tí kò tíì pé 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró ju ọdún 10 lọ, bí kò bá ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí àìsàn ẹ̀jẹ̀ dídì rí. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ kì í sì fa ẹ̀jẹ̀ dídì tó èyí tí wọ́n ń gbé mì.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yanjú rẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún 54 kan, tí ilé ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò rí nǹkan oṣù mọ́ láti ọdún 3 sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún kan ló lo oògùn kòkòrò nítorí ìtọ̀ tó ń ta á, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò ìtọ̀ kò rí kòkòrò kankan. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé awọ ojú ara ti fẹ́lẹ́, ó sì fún un ní hóró ojú ara. Lẹ́yìn oṣù 3, ara tù ú. Ṣùgbọ́n ó rò pé níwọ̀n ìgbà tí òun ti ń lo ẹsítírójìn, egungun òun ti rí ààbò. Ó yọ̀ ṣubú nílé ìdáná, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Àyẹ̀wò kíki egungun fi −2.7 hàn, bó bá ti dé −2.5, egungun ti rù kọjá ààlà.

Kí ni yóò ṣe báyìí? Nítorí pé kò tíì pé 60, ó lè lo oògùn tó ń kárí ara pẹ̀lú purojẹsítẹ́rónì, pàápàá bí ooru òjijì bá ń dà á láàmú. Bí kò bá fẹ́ họ́mónù, alẹndíronéètì wà, mílígíráàmù 70 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí wọ́n ń fi omi gbé mì láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, láìdùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ká ní ẹni ọdún 68 ni, oògùn egungun ni wọn ìbá yàn fún un, wọn kì í sábà bẹ̀rẹ̀ họ́mónù lọ́jọ́ orí bẹ́ẹ̀. Èyíkéyìí tó bá mú, kò sí ìdí láti fi hóró ojú ara sílẹ̀. Àwọn kan tó ń lo oògùn tó ń kárí ara pàápàá ṣì nílò rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, tí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ sọ ti ojú ara, kí ẹ sì béèrè ti egungun lọ́tọ̀. Ẹ sọ bóyá ilé ọmọ yín ṣì wà. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ bí ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, nítorí ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ lo ti ojú ara pàápàá láìjẹ́ pé dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ náà fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti kásẹ̀ nílẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀kán kan, ẹ má ṣe rò pé gbígbẹ ojú ara ló fà á. Ẹ tètè lọ ṣe àyẹ̀wò.