Mọ́sálásí Tó Jọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Bí wọ́n bá fi fọ́tò Mọ́sálásí Ńlá Àjàṣẹ́, ìlú tí máàpù ń pè ní Pọ́tó-Nófò, hàn yín láìdárúkọ ibẹ̀, ó dá mi lójú pé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ máa pè é. Ilé gogoro méjì dúró níwájú rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n ṣe ọnà sí ara ògiri, wọ́n sì fi ọ̀dà aláràbarà kùn ún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ṣe rí ní Bàhíà, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì.

Kì í ṣe èèṣì. Púpọ̀ nínú àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wálé ló mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà. Kátólíìkì wà nínú wọn, Mùsùlùmí náà wà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ mọ́sálásí ńlá sí Àjàṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, irú ilé Ọlọ́run tí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ yìí ti mọ́ lára ni wọ́n kọ́. Ọwọ́ Àgùdà wà lára Mọ́sálásí Ṣítà Béè náà ní Èkó, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894.

Nítorí náà, ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò kò gbọdọ̀ fi ilé gogoro nìkan dájọ́. Ẹ wò ó bóyá àgbélébùú wà lórí òrùlé, tàbí ère àwọn ẹni mímọ́ lára ògiri. Bí kò bá sí èyíkéyìí, tó jẹ́ pé gbohùngbohùn ládánì lẹ rí lókè, tí bàtà sì kún ẹnu ọ̀nà, etíkun wa láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́ ni kí ọkàn yín kọ́kọ́ lọ.

Lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti ń sún mọ́ aṣálẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti wọn. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ mọ́sálásí ìlú Jẹ́nè ní Málì, tí wọ́n tún kọ́ parí lọ́dún 1907, igi sì yọrí síta lára ògiri rẹ̀ bí ẹ̀gún òòrẹ̀. Igi náà kì í ṣe ti ẹwà nìkan. Òjò máa ń fọ amọ̀, àwọn ará ìlú sì ń gun igi yẹn lọ́dọọdún láti tún ògiri rẹ́. Fọ́tò tí irú igi bẹ́ẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a sí Èkó.

Mọ́sálásí ìgbàlódé ló máa ń dà wá láàmú. Ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n ti mọ ilé gogoro tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣe ṣónṣó bíi pẹ́ńsù, ṣùgbọ́n ó ti tàn ká ayé débi pé kò lè júwe ìlú fúnni mọ́. Nọ́ńbà mọ́tò, pátákó ẹ̀gbẹ́ títì àti páànù òrùlé ló kù láti wò.

Àwọn ilé mìíràn sì wà tó ń sọ ìgbà yàtọ̀ sí ìlú. Wọ́n ti wó Mọ́sálásí Gbogbogbòò Èkó àtijọ́, tí wọ́n kọ́ bíi ti Àgùdà. Èyí tó wà níbẹ̀ lónìí, ọdún 1988 ni wọ́n ṣí i. Bí fọ́tò ti àtijọ́ bá wà nínú àpótí bàbá yín, ẹ má ṣe jù ú nù.